Ìrẹsì, páàdì àti ọṣẹ lórí ínfọ́ìsì kan ṣoṣo: Bí ẹ ṣe máa ṣírò owó-orí ọjà rèé

Ẹ jẹ́ ká mú Alhaja kan tó ń ta ọjà lọ́pọ̀ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, tó sì ti forúkọ sílẹ̀ láti máa gba owó-orí ọjà, ìyẹn VAT. Iléèwé kan táwọn ọmọ ń gbé inú ẹ̀ wá ra ọjà mílíọ̀nù kan náírà lọ́wọ́ ẹ̀. Akọ̀wé Alhaja ro gbogbo owó náà pọ̀, ó ṣírò 7.5% lórí ẹ̀, ló bá kọ N75,000 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó-orí. Ẹni tó wá rajà wò ó, ó ní òun ń lọ síbòmíì. Bẹ́ẹ̀, N15,000 péré ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Níbo ni akọ̀wé ti ṣì í? Kò pín ọjà náà kó tó ṣírò. Ohun tí iléèwé rà nìyí:

Ìrẹsì, àpò 10, N60,000 lọ́kọ̀ọ̀kan: N600,000
Páàdì nǹkan oṣù tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, páálí 10, N20,000 lọ́kọ̀ọ̀kan: N200,000
Ọṣẹ ìfọṣọ, páálí 10, N12,000 lọ́kọ̀ọ̀kan: N120,000
Bísíkíìtì, páálí 10, N8,000 lọ́kọ̀ọ̀kan: N80,000

Ìpín mẹ́ta ló wà níbẹ̀

Òfin owó-orí tuntun tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2026, fi ìrẹsì àtàwọn oúnjẹ pàtàkì mí-ìn sí ìpín òdo. Owó-orí wà lórí wọn, àmọ́ 0% ni. Páàdì tí wọ́n ṣe nílẹ̀ yìí wà lára ọjà tí òfin yọ sílẹ̀ pátápátá. Ọṣẹ àti bísíkíìtì kò sí nínú ìpín méjèèjì, nítorí náà 7.5% wà lórí wọn. Ẹ má ṣe rò pé torí pé ẹnu ni wọ́n ń fi bísíkíìtì jẹ, yóò bá ìrẹsì lọ.

Nítorí náà, ọṣẹ àti bísíkíìtì nìkan la máa rò pọ̀: N200,000. 7.5% rẹ̀ jẹ́ N15,000. Iléèwé yóò san N1,015,000. Kí akọ̀wé kọ 0% síwájú ìrẹsì, kó kọ "òfin yọ ọ́ sílẹ̀" síwájú páàdì, kó sì kọ 7.5% síwájú àwọn yòókù. Kó tó fi ínfọ́ìsì lélẹ̀, kó ro ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí kò bá jẹ́ N1,000,000 gẹ́lẹ́, ọjà kan ti bọ́ sílẹ̀ tàbí kó wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé òdo àti àyọsílẹ̀ kì í ṣe ìkan náà?

Lójú oníbàárà, ìkan náà ni, nítorí kò san kọ́bọ̀ kankan lórí méjèèjì. Lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà ni ìyàtọ̀ wà. Owó-orí tí Alhaja san nígbà tóun náà ń rajà, ó lè yọ ọ́ kúrò nínú èyí tó fẹ́ san fún ìjọba, bó bá jẹ́ ti ọjà 7.5% tàbí ti ọjà òdo. Ti ọjà àyọsílẹ̀ kò ṣeé yọ. Ìdí nìyí tó fi ṣe pàtàkì pé òfin tuntun gbé oúnjẹ kúrò nínú àyọsílẹ̀, níbi tó wà tẹ́lẹ̀, bọ́ sínú òdo.

Ká ní Alhaja san N12,000 owó-orí nígbà tó ra ọṣẹ àti bísíkíìtì. Ó lè yọ gbogbo ẹ̀. Ó tún gba ọkọ̀ N100,000 láti kó gbogbo ọjà yìí, owó-orí orí ẹ̀ sì jẹ́ N7,500. Títí di òpin 2025, ti ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé yọ, àmọ́ òfin tuntun ti gbà á láàyè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kó páàdì pẹ̀lú, páàdì sì jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ọjà náà. Nítorí náà, ìdá mẹ́rin, ìyẹn N6,000, ló lè yọ. N1,500 tó kù di ara owó tí òun fi ń ṣòwò.

N15,000 tó gbà, ká yọ N12,000 àti N6,000 kúrò: ó ku N3,000 lọ́dọ̀ ìjọba fún un, tó lè gbé lọ sí oṣù tó ń bọ̀. Ká ní akọ̀wé ka ìrẹsì mọ́ ọjà àyọsílẹ̀ ni, ìdá kan nínú márùn-ún owó-orí ọkọ̀ náà, N1,500, nìkan ni ìbá rí yọ. Àmọ́ o, láìsí ínfọ́ìsì tó fi owó-orí hàn láti ọwọ́ ẹni tó tajà fún un àti oní-ọkọ̀, kò ní rí nǹkan kan yọ.

Bí owó-orí bá ti wà nínú iye ọjà ńkọ́?

Ká ní N215,000 ni Alhaja dá lé ọṣẹ àti bísíkíìtì, tówó-orí ti wà nínú ẹ̀. Bó bá fi 7.5% ṣírò N215,000, yóò rí N16,125, ìyẹn sì ti pọ̀ jù. Kó fi 7.5 sọ ọ́ di púpọ̀, kó wá fi 107.5 pín in:

215,000 × 7.5 ÷ 107.5 = 15,000

Ìṣirò oṣù kan gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àjọ tó ń gba owó-orí fún ìjọba àpapọ̀, kó tó di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó tẹ̀ lé e. Kódà, bí kò bá sí owó tí ẹ máa san, bíi ti Alhaja yìí, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìṣirò ọ̀hún ránṣẹ́.