ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Dán Orúkọ Ọjà Wò Kí O Tó Tẹ̀ Ẹ́ Sára Páálí

Kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan tó kù nínú àṣàyàn sórí ìwé, kí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí kà á sókè. Pè é fún ẹlòmíràn lórí fóònù kó kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ṣì kà tàbí ṣì kọ, yọ ọ́ kúrò.

Ó ku ìtumọ̀ èyí tó bá yege lẹ́nu àwọn oníbàárà. Ara ológbò ìgbẹ́ kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé-iṣẹ́ Mitsubishi ti mú orúkọ ọkọ̀ Pajero. Ṣùgbọ́n èébú burúkú ni orúkọ náà ní ìgboro àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì. Montero ni wọ́n fi tà á lọ́dọ̀ wọn. Ìwé atúmọ̀ èdè nìkan kò tó: bi ọmọ onílùú, pàápàá àwọn ọ̀dọ́.