Ṣé Lóòótọ́ Ni Ìrẹsì Òkèèrè Ò Wọlé Mọ́? Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ Ọ̀rọ̀ Mínísítà Wò

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú kan tó kan àpò ìrẹsì tí a ń tà tí a sì ń jẹ ní Atosin níbí. Ọ̀rọ̀ náà ti lé lọ́dún díẹ̀, ṣùgbọ́n òun la mú, torí pé àwọn ìwé tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò ti jáde, wọn ò fara sin.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, àwọn tó ń ṣe ajílẹ̀ lọ kí Ààrẹ Bùhárí l'Ábùjá. Olóyè Audu Ogbeh, tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà (ó di olóògbé ní 2025), bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní aṣojú ilẹ̀ Táílándì wá bá òun ní ọ́fíìsì, ó ní Nàìjíríà ti ṣe àwọn lọ́ṣẹ́. Ìrẹsì tí Nàìjíríà ń rà ti fi ìdá 95 nínú 100 dínkù, ilé ẹ̀rọ ìrẹsì ńláńlá méje ti tì pa nílẹ̀ wọn, àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe sì ti kúrò ní ìdá 1.2 nínú 100, wọ́n ti di ìdá 4. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìwé ìròyìn gbé e káàkiri.

Bí a bá gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí lódindi, ìjà la ó fi pín in: ẹni tó fẹ́ràn ìjọba á ní òótọ́ ni, ẹni tí ò fẹ́ràn rẹ̀ á ní irọ́ ni. Ohun tó yẹ ni ká tú u palẹ̀ bí ẹni ń tú àpò kòkó sórí ẹní, ká wo hóró kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti aṣojú, torí òun ni mínísítà fi ṣe ẹlẹ́rìí. Kí oṣù náà tó parí, aṣojú ọ̀hún, Ọ̀gbẹ́ni Wattana Kunwongse, sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n yí ọ̀rọ̀ òun padà ni, pé òun kò dárúkọ ilé ẹ̀rọ tó wó. Ẹlẹ́rìí ti yẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí lè yẹsẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ṣì jẹ́ òótọ́, nítorí náà a ò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀.

Ti àìríṣẹ́ṣe ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ ìjọba Táílándì tó ń ka èèyàn tó sì ń ka iṣẹ́ máa ń gbé ìwé rẹ̀ jáde lóṣooṣù. Ní ọdún 2018 yẹn, ìdá kan àti díẹ̀ nínú 100 ni wọ́n ń kọ, kò sún mọ́ 4 rárá. Kódà bí a ò bá rí ìwé wọn, ìṣirò lásán tó o. Àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ náà tó mílíọ̀nù 38. Láti 1.2 dé 4, ìdá 2.8 ni ó fi lé, ìyẹn sì ju mílíọ̀nù kan èèyàn lọ. Ẹ pín mílíọ̀nù kan sí ilé ẹ̀rọ méje: ọ̀kọ̀ọ̀kan á ti ní òṣìṣẹ́ tó ju 140,000 lọ. Ilé ẹ̀rọ ìrẹsì wo ló gba irú èrò bẹ́ẹ̀? Pẹ̀lúpẹ̀lù, ní 2017, ìrẹsì tí Táílándì tà sí gbogbo ayé lé ní mílíọ̀nù 11 tọ́ọ̀nù, èyí tó ju ti 2016 lọ. Ọjà wọn ń lọ sókè ni. Apá yìí kò rí ẹsẹ̀ dúró lé.

Ẹ wá wo ìdá 95. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn, torí pé mínísítà kò parọ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ìrẹsì Táílándì sókè òkun máa ń kọ iye tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan rà lọ́dọọdún. Ní 2014, Nàìjíríà rà ju mílíọ̀nù kan àti 200,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ní 2015, ó di nǹkan bí 640,000. Ní 2017, ó ku nǹkan bí 23,000 péré. Ẹ fi 2015 wé 2017: ó ju ìdá 95 lọ tó fi dínkù. Ìwé náà gbè é lẹ́yìn pátápátá, ó sì yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ìwé náà ń kà? Èbúté tí ọkọ̀ já ẹrù sí ló ń kà, kì í ṣe ẹnu tó jẹ ìrẹsì. Nínú ìwé kan náà, lójú ewé kan náà, ẹ wo orúkọ aládùúgbò wa, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ní 2015, nǹkan bí 800,000 tọ́ọ̀nù ni wọ́n rà. Ní 2016, ó di mílíọ̀nù kan àti 400,000. Ní 2017, ó di mílíọ̀nù kan àti 800,000. Bí ti Nàìjíríà ṣe ń wálẹ̀ ni ti Bẹ̀nẹ̀ ń gòkè.

Nǹkan bí mílíọ̀nù 11 èèyàn ló wà ní Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà. Ẹ pín in: ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kílò 160 àti díẹ̀, àpò oní-50 kílò mẹ́ta àti díẹ̀, àti ọmọ ọwọ́ àti arúgbó. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà á jẹ tó àpò 19 lọ́dún, láti Táílándì nìkan, nílẹ̀ tí àgbàdo ti jẹ́ oúnjẹ pàtàkì! Lára ẹ̀rí tí oníṣòwò lè fojú rí ni irú ìrẹsì náà: èyí tí wọ́n ti fi èèpo sè kí wọ́n tó bó o, tó máa ń pọ́n díẹ̀, tí kì í lẹ̀ mọ́ra nínú ìkòkò, àwa Nàìjíríà ló gbádùn rẹ̀. Ìrẹsì funfun lásán làwọn ará Kútọnu ń fẹ́. Bí ọkọ̀ bá wá já ti wa sí Kútọnu, ó hàn ibi tó ń lọ.

Kí ló fà á? Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Báńkì Àpapọ̀ wa ní òun kò ní ta dọ́là fún ẹni tó fẹ́ kó ìrẹsì wọlé mọ́. Ní 2016, àwọn aṣọ́bodè tún fòfin de ìrẹsì lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá gba èbúté Èkó san náírà 70 lórí ọjà náírà 100. Owó náà dùn ún sá fún, fàyàwọ́ sì gbé e. Àwọn àgbà wa tó ta kòkó nígbà Bọ́ọ̀dù mọ irú ọ̀nà yìí dáadáa: nígbà tí owó Bọ́ọ̀dù kéré, kòkó wa náà máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Bẹ̀nẹ̀.

A kò wí pé gbogbo ìrẹsì Bẹ̀nẹ̀ ló wọ Nàìjíríà. Wọ́n jẹ díẹ̀, díẹ̀ gba Nìjẹ̀ kọjá. Fàyàwọ́ kì í gba rìsíìtì, nítorí náà iye náà gan-an kò sí nínú ìwé kankan, ẹni tó bá sì dá iye kan pàtó lé e lórí, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i. A kò sì wí pé àgbẹ̀ wa ò ṣiṣẹ́. Ètò ẹ̀yáwó tí Ààrẹ Bùhárí ṣí ní Kẹ́bbí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015 mú kí ọ̀pọ̀ padà sóko ìrẹsì, ìrẹsì ilé sì pọ̀ sí i lọ́jà. Ṣùgbọ́n pé ìrẹsì ilé pọ̀ sí i, ìyẹn yàtọ̀ sí pé ti òkèèrè kò wọlé mọ́.

Ìjọba náà ló sì fẹnu ara rẹ̀ parí ẹjọ́ yìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti ẹnubodè ilẹ̀ pa. Nígbà tí Ààrẹ Bùhárí pàdé Ààrẹ Talon ti Bẹ̀nẹ̀ ní Yokohama nílẹ̀ Jàpáánù lóṣù yẹn kan náà, ohun tó sọ fún un ni pé fàyàwọ́ ìrẹsì ló fa títì náà. Wọ́n tún mẹ́rin nínú àwọn ẹnubodè ọ̀hún ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin tó de ìrẹsì kò tíì kúrò níbẹ̀.