Ṣé mo lè fi «bss» parí ọ̀rọ̀ sí ọ̀gá tí mò ń tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Màdírìdì ni mò ń gbé. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbélé ni mo ti gbọ́ èdè Sípáníìṣì, orí Wọ́sáàpù ni a sì ti máa ń bára wa sọ̀rọ̀ jù. Láìpẹ́ yìí, mo rí ìpolówó òtẹ́ẹ̀lì kan tó ń wá ẹni tí yóò máa gba àlejò. Nọ́ńbà ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ wà níbẹ̀, mo sì kọ èyí sí i:

«Ola bns! m interesa el curro. q horario es? stoy libre x la tarde y tb los findes. tengo 24 anos. grax, bss»

Ó ti kà á, kò fèsì. Nígbà tí mo fi han ọ̀rẹ́ mi kan, ẹ̀rín ló bú sí. Bẹ́ẹ̀, bí òun náà ṣe máa ń kọ̀wé sí mi nìyẹn! Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ọmọ Ìbàdàn ní Màdírìdì

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Má jẹ́ kí ẹ̀rín yẹn dùn ọ́ jù. Èdè tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kọ́ ọ, èdè gidi ni, àwọn ọmọ Sípéènì fúnra wọn ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tí o kọ ọ́ sí ni kò bá a mu.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí àṣà yìí ti wá. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ṣì ń gba owó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmì ìkọ̀wé 160 péré ni ẹyọ kan lè gbà. Àwọn lẹ́tà «á», «í», «ó» àti «ú» tí èdè Sípáníìṣì ń lò kò sí nínú àwọn àmì tí wọ́n ṣètò rẹ̀ fún. Bí o bá fi ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn sí i, 160 yẹn á já sí 70, owó á sì lé. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń gé ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń yọ àmì orí kúrò. «Que» di «q», «también» di «tb» tàbí «tmb». «Por» di «x», nítorí «por» ni wọ́n ń pe àmì ìsọdipúpọ̀ nínú ìṣirò, láti ibẹ̀ ni «porque» sì ti di «xq». Lórí Wọ́sáàpù òní, kò sẹ́ni tó ń ka lẹ́tà gbowó mọ́. Nítorí náà, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí bá rí «xq», ohun tó máa rò ni pé o kò ráyè tirẹ̀.

Tìrẹ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àjèjì ni ọ́. Bí ọmọ Màdírìdì bá kọ «Ola», àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé «Hola» ló ní lọ́kàn, pé ó ń ṣeré ni. Lẹ́tà «h» yẹn kì í dún lẹ́nu, àmọ́ bí o bá yọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́ kù túmọ̀ sí ìgbì òkun. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì kò lè mọ̀ bóyá eré lò ń ṣe tàbí o kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Iṣẹ́ tó fẹ́ gbé fún ọ sì rèé, kíkọ ìwé sí àlejò wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa kà sí eré fún onílé, àìmọ̀ ni wọ́n máa kà á sí fún àjèjì. Mo fẹ́ kí o fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ.

Àwọn àṣìṣe tó wà níbẹ̀ kò wúwo bákan náà. «q», «x» àti «tb» ló fúyẹ́ jù. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti mọ ara wọn pẹ́ ń kọ wọ́n síra wọn lójú iṣẹ́ pàápàá. «m» àti «stoy» wúwo díẹ̀, wọ́n jọ ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́. «Curro» àti «finde» kì í ṣe àgékúrú kan tí wàá kàn tò padà sí gígùn lásán: ọ̀rọ̀ ìgboro ni wọ́n, fún iṣẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀. «Trabajo» tàbí «puesto» ni kí o kọ, àti «fines de semana».

«Anos» yẹn ni mo rò pé ó pa ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́rìn-ín. «Años» ni ọdún. Bí o bá yọ àmì orí «ñ» kúrò, ihò ìdí lò ń sọ, o sì ti sọ fún ọ̀gá pé o ní mẹ́rìnlélógún. Fi èdè Sípáníìṣì kún bọ́tìnnì ìkọ̀wé fóònù rẹ, «ñ» á ní àyè tirẹ̀, bí o bá sì tẹ «?» mọ́lẹ̀, «¿» á yọ. Àwọn ọ̀rẹ́ kì í fi «¿» ṣáájú ìbéèrè, àmọ́ láti 1754 ni ilé ẹ̀kọ́ gíga èdè Sípéènì, Real Academia Española, ti fi í sínú òfin ìkọ̀wé. Fún ọ̀gá, fi í síbẹ̀.

«Bss» ló burú jù. «Besos» ni, ìfẹnukonu. Láàárín àwọn ọ̀rẹ́ ní Sípéènì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Sí ọ̀gá tí o kò rí rí, ó ti kọjá ààyè. «Tqm», tó túmọ̀ sí pé mo fẹ́ràn rẹ gan-an, tún sún mọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má sì rò pé gbogbo àgékúrú ni kò dáa: «Sr.», «Sra.» àti «Ud.» wà nínú ìwé tó níyì jù lọ.

Ìwọ ọmọ Yorùbá, ìyàtọ̀ «o» àti «ẹ» kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í yé ọ. Bẹ́ẹ̀ ni «tú» àti «usted» ṣe rí, àmọ́ àwọn ará Sípéènì tètè máa ń já sí «tú», kódà fún àgbà. Fi «usted» bẹ̀rẹ̀, kí o dúró títí ọ̀gá yóò fi lo «tú» fún ọ. Bí o sì ti ń lo «tú», ọ̀rọ̀ rẹ kò gbọdọ̀ di gígé. Bí ó bá kọ «ok, tb el lunes?», ìwọ kọ «Vale, también el lunes. Gracias.»

Tún ọ̀rọ̀ náà kọ ránṣẹ́. Má ṣàlàyé ti àkọ́kọ́, má sì tọrọ àforíjì. Èyí ló yẹ kí o kọ:

«Buenos días. Le escribo por el puesto de recepcionista. Tengo 24 años y estoy disponible por las tardes y los fines de semana. ¿Podría indicarme cuál es el horario? Muchas gracias. Un saludo,»

Lẹ́yìn náà, orúkọ rẹ ní kíkún. O kò kọ orúkọ kankan sí ti àkọ́kọ́, ọ̀gá kò sì mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Fi ránṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí o sì jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ.