Ẹ Ṣọ́ra fún Ọjọ́ Tí Ẹ Bá Rí Nínú Ìwé Àtijọ́

Nínú Bíbélì ìdílé Jọ́ọ̀jì Wáṣíńtìnì, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ 11 Fẹ́búárì 1731/2 ni wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 22 Fẹ́búárì 1732 ni a ń ka ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí lónìí. Kò sí èyí tó parọ́ nínú méjèèjì. Ọjọ́ kan náà ni, kàlẹ́ńdà ló yàtọ̀.

Kàlẹ́ńdà Júlíọ́sì Késárì ń fi ọjọ́ kan kún Fẹ́búárì ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, láìyọ ọdún kankan sílẹ̀. Èyí mú kí ọdún rẹ̀ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá gùn ju ti oòrùn lọ. Nígbà tó di 1582, Póòpù Gírígórì Kẹtàlá ní kí wọ́n fo ọjọ́ mẹ́wàá: Ọjọ́bọ̀ 4 Oṣù Kẹwàá mọ́jú Ẹtì 15. Sípéènì àti Pọ́túgà tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kọ̀, ó di 1752. Ọjọ́rú 2 Sẹ̀tẹ́ńbà ni wọ́n sùn, Ọjọ́bọ̀ 14 ni wọ́n jí. Ọjọ́ mọ́kànlá ni tiwọn, nítorí Fẹ́búárì 1700 ní ọjọ́ 29 lọ́dọ̀ wọn, kò sì ní in nínú kàlẹ́ńdà tuntun.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣírò, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó kọ ìwé náà. Ní 1725, ọjọ́ tí oníṣòwò Pọtogí ní Wídà, ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ òde òní, bá kọ 20 Oṣù Karùn-ún sórí lẹ́tà, 9 Oṣù Karùn-ún ni Gẹ̀ẹ́sì tó wà nítòsí rẹ̀ yóò kọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọdún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di 1751, ọjọ́ 25 Máàṣì ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Fẹ́búárì tí àwa ń pè ní ti 1732, ìparí 1731 ló jẹ́ lójú wọn. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń kọ 1731/2. Bí ẹ bá rí 1731 nìkan lórí ọjọ́ tó bọ́ sáàárín 1 Jánúárì sí 24 Máàṣì, ẹ kọ́kọ́ sọ ọdún di 1732, kí ẹ tó fi ọjọ́ mọ́kànlá kún un.

Ẹ má sì ṣe yí ohun tí ẹlòmíràn ti yí padà. Ohun tí ẹ ó fi dán an wò ni orúkọ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, torí kò sí èyí tí wọ́n fò nínú wọn: 11 Fẹ́búárì ti àtijọ́ jẹ́ Ẹtì, 22 Fẹ́búárì ti tuntun náà jẹ́ Ẹtì. Bí ẹ bá ṣírò tí ó bọ́ sí Ọjọ́ Ajé, àṣìṣe wà níbì kan.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kọ̀ǹpútà pátápátá:

```
from datetime import date
print((date(1752,9,14)-date(1752,9,2)).days)
```

Ọjọ́ 12 ni yóò sọ, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ kan péré ló kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ da ọjọ́ náà kọ bó ṣe wà nínú ìwé, kí ẹ tó kọ ti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.