Ògbufọ̀ Náà Ń Jẹ Nínú Aago

Ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Olùdarí ètò tó fẹ́ kí ìdúpẹ́ àjọ̀dún ìjọ parí lásìkò gbọ́dọ̀ da omi tirẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé, nínú ìwé tí yóò mú lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n ń darí ètò fún ìjọ Yorùbá ní ìlú Bìní ni mo ń bá sọ̀rọ̀, nítorí ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ba ìṣirò àkókò jẹ́: ìwọ̀nba ni àlejò tó gbọ́ Yorùbá. Èdè Ẹ̀dó tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni a ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí, tí a bá sì túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kan sí gbólóhùn kan, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti di ogún.

Ẹ jẹ́ ká fi ìjọ tó pé ọdún 25 ṣe àpẹẹrẹ. Aago mẹ́wàá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Orin ìwọlé àti ìyìn gba ìṣẹ́jú 15, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ 5, ìkíni àlejò 10, ìtàn ìjọ 10, akọrin 10, ìwàásù 40. Ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ gba 40, àdúrà lórí ọrẹ 5, ìkówójọ 20, ọ̀rọ̀ ọpẹ́ 5, àdúrà ìparí 5. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 45 ni èyí parí sí. Fi ìṣẹ́jú 15 tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí i sápò, kí o wá kọ aago kan sínú ìwé tí o máa pín fún ìjọ.

Ìṣẹ́jú 10 tí a fún ẹni tó máa ka ìtàn ìjọ, márùn-ún péré ló jẹ́ tirẹ̀, ògbufọ̀ ló ni ìyókù. Sọ fún un kó kọ ìtàn náà sí ojú ìwé kan, kí òun àti ògbufọ̀ jókòó kà á sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Oníwàásù náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìwàásù ogún ìṣẹ́jú ni 40 tí a kọ fún un.

Bí a ṣe ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Nínú ìkíni àlejò, bí aṣojú Ọba Bìní bá wà níbẹ̀, òun la kọ́kọ́ ń kí láàárín àwọn ìjòyè, bó ti wù kí olówó ìjọ jókòó síwájú tó. Ewúare Kejì ló wà lórí ìtẹ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 2016. Má ṣe méfò ìtò àwọn ìjòyè. Bi ẹni tó bá wọn wá, kí o sì kọ orúkọ oyè bó ṣe pè é. Kọ “Ọba ghatọ kpẹrẹ” sínú ìwé rẹ, kí o mọ̀ pé “Isẹ” ni àwọn èèyàn yóò dáhùn.

Ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ ni ibi tí àkókò ti ń sá jù. Ẹgbẹ́ méjìlá tó bá jó wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ijó, ọ̀kan fún ìdìde àti ìpadà, wákàtí kan ti lọ. Pè wọ́n ní méjì-méjì, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ijó, ọ̀kan fún ìpadà: 36 ni yóò jẹ́. Gbé àwo ọrẹ sí apá ọ̀tún àti òsì pẹpẹ kí ìlà méjèèjì máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí o máa kọ sílẹ̀ nìyí: “Ẹgbẹ́ Ìyá Rere àti Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́, ẹ jó wá. Ẹgbẹ́ Bàbá àti Ẹgbẹ́ Akọrin, ẹ dìde dúró.” Àwọn tó kàn gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìdúró kí àwọn tó ń jó tó padà. Bá onílù ṣe àdéhùn pé bí o bá gbé ọwọ́ sókè, kó yí orin náà padà. Bí kò bá sí àdéhùn yìí, onílù ni yóò máa darí ètò, kì í ṣe ìwọ.

Bí oníwàásù bá ṣì wà lórí pẹpẹ ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, ìṣẹ́jú 15 tó wà lápò ni kó o kọ́kọ́ ná. Bó bá tán, ìkówójọ ni kó o gé sí mẹ́wàá. Má fọwọ́ kan ìdúpẹ́, nítorí òun ló kó àwọn èèyàn jáde nílé. Ní alẹ́ Sátidé, ẹ fún ògbufọ̀, olórí akọrin àti onílù ní ẹ̀dà ìwé yìí, kí wọ́n sì fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ibi tó kan wọ́n.