Ilé ló di ọ́fíìsì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, láti yàrá mi n'Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ kan ní Niu Yọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ kì í tán, n kì í sì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Aago 9 àárọ̀ wọn jẹ́ aago 2 ọ̀sán wa nígbà ooru wọn, aago 3 nígbà òtútù. Àárọ̀ rẹ ló ṣófo, ìwọ sì ń fi sùn tàbí kí o fi dáhùn iṣẹ́ àná. Àárọ̀ yẹn ni kí o fi wá èèyàn. Tí àsìkò iṣẹ́ bá parí lálẹ́, pa kọ̀ǹpútà, fi í sínú àpò, má gbé e dé orí ibùsùn. Lọ́la, jọ̀wọ́, jẹun àárọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan.