Àpapọ̀ owó oṣù kìíní tó yí padà

Ìbéèrè: Àpapọ̀ owó ọjà oṣù kìíní tí mo fi jíṣẹ́ kò bá ti Excel mu mọ́, àwọn ọ́dítọ̀ sì ti dé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ `Refresh All`, dátà tuntun á bo ti àtẹ̀yìnwá mọ́lẹ̀. Ó dà bíi pé àwọn rísíìtì oṣù kìíní kan pẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Ẹ yọ àwọn tí wọ́n tẹ̀ wọlé lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ jíṣẹ́. Àpapọ̀ ọjọ́ náà lè padà, àfi bí ẹnìkan bá ti tún ìlà àtijọ́ kọ.

Láti ìsinsìnyí, bí ẹ bá ti tẹ `Refresh All` tán, ẹ tọ́jú gbogbo ìlà, kì í ṣe àpapọ̀ nìkan, sínú fáìlì tó ní déètì, bíi `oja_2025-01-31.csv`. Ẹ kọ iye ìlà rẹ̀ síbòmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan fáìlì náà mọ́. Bí àtúnṣe bá dé, ẹ ṣí òmíràn.